Orí Kẹfà: Òfófó Nínú Agbo Sáfà

Ká ní sáfà 100 ló wà nínú agbo kan, tí gbogbo wọn jọ ń ṣe iṣẹ́ kan náà. Kí iṣẹ́ náà tó lè lọ déédéé, sáfà kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ mọ nǹkan méjì nígbà gbogbo: àwọn wo ló wà nínú agbo, àwọn wo ló sì ti kú. Ọ̀rọ̀ yìí máa ń jọ ọ̀rọ̀ kékeré lójú ẹni tí kò tíì kọ ètò rẹ̀ rí.

Ohun tó kọ́kọ́ ń wá sí ọkàn akẹ́kọ̀ọ́ ni pé kí sáfà kọ̀ọ̀kan máa sọ fún gbogbo àwọn yòókù ní ìṣẹ́jú àáyá kọ̀ọ̀kan pé “mo wà o”. Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Sáfà 100, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ń ránṣẹ́ sí 99: iṣẹ́ 9,900 ni wọn yóò máa rán ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Ìyẹn ṣì ṣe é fara dà. Ṣùgbọ́n bí agbo náà bá di 1,000, iye yìí á di 999,000. Agbo fi ìlọ́po mẹ́wàá pọ̀ sí i, ariwo fi ìlọ́po ọgọ́rùn-ún pọ̀ sí i. Bí a bá ń bá a lọ bẹ́ẹ̀, àwọn sáfà ò ní ráyè ṣe iṣẹ́ tí a torí rẹ̀ rà wọ́n mọ́, kìkì “mo wà o” ni wọn yóò máa sọ.

Ọ̀nà kejì ni pé ká yan olórí kan, kí gbogbo sáfà máa jẹ́pè lọ́dọ̀ rẹ̀, kí ó sì máa kéde ẹni tí kò bá dáhùn. Ariwo dínkù lóòótọ́. Àmọ́ baálé ilé kú, ilé di ahoro: ọjọ́ tí olórí bá kú, kò sẹ́ni tí yóò kéde ikú tirẹ̀. Wàhálà mìíràn tún wà tí àwọn ènìyàn kì í tètè rí. Bí wáyà tó so olórí mọ́ sáfà kan bá bàjẹ́, olórí á kéde pé sáfà náà ti kú, bẹ́ẹ̀ ni àwọn 98 yòókù ń bá a sọ̀rọ̀ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́. Ẹ̀rí ẹnìkan ṣoṣo ni wọ́n fi dájọ́.

Ọ̀nà kẹta ni orí yìí dá lé. Kò sí olórí, kò sí akéde. Sáfà tó bá gbọ́ nǹkan á sọ ọ́ fún ẹni mélòó kan tó ṣà láìfi ti ojú rere ṣe, àwọn yẹn á tún un sọ fún ẹlòmíràn, bí òfófó ṣe ń rìn láti ìsọ̀ dé ìsọ̀ nínú ọjà. Ní 1987, Alan Demers àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní ilé ìwádìí Xerox PARC ní Kalifọ́níà kọ̀wé lórí rẹ̀. Àkójọ dátà kan wà lọ́wọ́ wọn tí ẹ̀dà rẹ̀ pọ̀ lórí oríṣiríṣi kọ̀ǹpútà, wọ́n sì ń wá bí àtúnṣe tí a bá ṣe sí ẹ̀dà kan ṣe máa dé ara gbogbo àwọn yòókù. Ìṣirò tí àwọn oníṣègùn fi ń mọ bí àjàkálẹ̀ àrùn ṣe ń ràn ni wọ́n yá lò: ìròyìn ni àrùn, ẹni tó gbọ́ ọ ni ẹni tó kó o. Ní 2002, Abhinandan Das, Indranil Gupta àti Ashish Motivala ní Yunifásítì Cornell gbé ìlànà SWIM jáde, tó so òfófó pọ̀ mọ́ ọ̀nà tí a fi ń mọ ẹni tó kú. SWIM ni a ó tẹ̀lé níbí, gẹ́gẹ́ bí ilé iṣẹ́ HashiCorp ṣe kọ ọ́ sínú `memberlist`, èyí tí Serf àti Consul ń lò. Àwọn iye tí mo bá dárúkọ ni iye tó wà nínú `memberlist` fún àwọn sáfà tó wà lórí nẹ́tíwọ́ọ̀kì kan náà, bí ẹnikẹ́ni ò bá fọwọ́ kàn án.

Bí ọ̀rọ̀ ṣe ń tàn

Ní ìgbà márùn-ún nínú ìṣẹ́jú àáyá kan, sáfà tí ìròyìn tuntun wà lẹ́nu rẹ̀ á mú sáfà 3 láìròtẹ́lẹ̀, á sì sọ ọ́ fún wọn. Àwọn náà á ṣe bẹ́ẹ̀ ní ìyípo tó tẹ̀lé e. Nínú agbo ẹni 100, ẹnìkan ló mọ̀ ọ́n níbẹ̀rẹ̀. Lẹ́yìn ìyípo kan, wọ́n ti di 4. Lẹ́yìn ìkejì, nǹkan bí 15. Lẹ́yìn ìkẹta, nǹkan bí 47. Ìkẹrin, 87. Ìkarùn-ún, 99. Ní ìyípo kẹfà, ó ṣọ̀wọ́n kó ku ẹnìkan tí kò tíì gbọ́. Ìyípo 6 nígbà tí 5 wà nínú ìṣẹ́jú àáyá kan: gbogbo rẹ̀ kò ju ìṣẹ́jú àáyá kan àti díẹ̀ lọ.

Ẹ wo àwọn iye yẹn dáadáa. Níbẹ̀rẹ̀, ìròyìn ń di ìlọ́po mẹ́rin tàbí kó sún mọ́ ọn, nítorí pé kò fẹ́rẹ̀ẹ́ sẹ́ni tí ẹ óò bá sọ̀rọ̀ tí kò ní jẹ́ tuntun létí rẹ̀. Nígbà tó bá kù díẹ̀, ọ̀pọ̀ ọ̀rọ̀ ń bọ́ sí etí ẹni tó ti gbọ́ tẹ́lẹ̀, a sì ń fi wọ́n ṣòfò. Bí gbogbo ènìyàn bá ń sọ fún ẹni 3, sáfà tí kò tíì gbọ́ ní nǹkan bí ìdá 5 nínú ọgọ́rùn-ún péré láti tún yẹ̀ ẹ́ sílẹ̀ ní ìyípo kan. Bí ó bá jẹ́ ẹnìkan péré ni ẹnì kọ̀ọ̀kan ń sọ fún, ìdá náà á di nǹkan bí 37, àwọn tó gbẹ̀yìn á sì pẹ́ kí wọ́n tó gbọ́. Nítorí náà ni wọ́n ṣe mú 3.

Òfófó gbọ́dọ̀ tún mọ ìgbà tó yẹ kó dákẹ́, àìjẹ́bẹ́ẹ̀ ọ̀rọ̀ ọdún tó kọjá yóò ṣì máa rìn káàkiri. Ní `memberlist`, ìròyìn kan ní iye ìgbà tí sáfà kan lè sọ ọ́, iye náà sì ń pọ̀ bí agbo ṣe ń tóbi, ṣùgbọ́n díẹ̀díẹ̀:

```
limit = RetransmitMult * ceil(log10(N + 1))
```

`RetransmitMult` jẹ́ 4. Bí N bá jẹ́ 100, iye rẹ̀ á jẹ́ 12. Sáfà kan á sọ ọ̀rọ̀ náà ní ìgbà 12, á sì gbàgbé rẹ̀. Bí N bá jẹ́ 10,000, iye náà ò ju 20 lọ. Fún àǹfààní ẹni tó bá tún yẹ̀ sílẹ̀ pẹ̀lú gbogbo èyí, lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan sáfà kọ̀ọ̀kan á mú ẹnìkan, wọn á jókòó tira, wọn á sì fi gbogbo ìwé orúkọ tó wà lọ́wọ́ wọn wéra. Ìṣẹ́jú àáyá 30 ló wà láàárín ìpàdé bẹ́ẹ̀ méjì nínú agbo kékeré, ó sì ń gùn sí i bí agbo bá ń tóbi.

Títàn ìròyìn nìyẹn, mi ò sì rò pé ibẹ̀ ni iṣẹ́ le sí. Iṣẹ́ tó le ni kí òfófó náà jẹ́ òtítọ́.

Àgò o

Báwo ni sáfà ṣe ń mọ̀ pé ẹlòmíràn ti kú? Ó ń ké àgò lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀ ni. Sáfà kọ̀ọ̀kan ní ìwé orúkọ gbogbo ọmọ agbo, tí ó ti dà rú bí ẹni da káàdì rú. Ní ìṣẹ́jú àáyá kọ̀ọ̀kan, ó ń mú orúkọ tó kàn, ó ń ké àgò, ó sì ń retí kí onílé dáhùn pé “àgò yà”. Bó bá ka ìwé náà tán, á tún un dà rú, á bẹ̀rẹ̀ lákọ̀tun. Nítorí pé ó ń tẹ̀lé ìwé, kò lè gbàgbé ẹnìkan pátápátá; àwọn tó kọ SWIM fi hàn pé láàárín àgò méjì sí ẹnìkan náà, ìyípo kò lè ju 2n − 1 lọ. Ẹ kíyè sí i pé àgò kan péré ni sáfà ń ké ní ìṣẹ́jú àáyá kan, yálà agbo jẹ́ ẹni 100 tàbí ẹni 1,000. Ibí ni a ti bọ́ lọ́wọ́ ariwo 999,000 yẹn.

Ìròyìn náà ò sì nílò kí a máa rán an lọ ní òun nìkan nígbà gbogbo. Ó lè gun ẹ̀yìn àgò tàbí ìdáhùn, bí ìgbà tí ẹni tó wá kíni bá fi kún un pé, “ṣé ẹ ti gbọ́ nípa sáfà 37?”

Bí sáfà 37 kò bá dáhùn ńkọ́? Sáfà 12 tó ké àgò á dúró fún ìdajì ìṣẹ́jú àáyá. Bí kò bá tíì gbọ́ nǹkan, kò ní figbe ta pé ikú ti dé. Ó lè jẹ́ pé ọ̀nà tó wà láàárín àwọn méjèèjì nìkan ni kò dáa. Nítorí náà, á mú sáfà 3 mìíràn, ká ní 5, 61 àti 88, á bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n bá òun ké àgò síbẹ̀, bí ẹni ń bẹ aládùúgbò pé “ẹ bá mi yọjú sí i, mi ò gbọ́ ohùn rẹ̀ láti àárọ̀”. Bí sáfà 37 bá dá ọ̀kan péré nínú wọn lóhùn, onítọ̀hún á mú ìdáhùn náà padà fún sáfà 12, ọ̀rọ̀ á sì parí. Lẹ́sẹ̀ kan náà, sáfà 12 fúnra rẹ̀ á tún gbìyànjú láti kàn sí i lórí TCP, nítorí pé UDP ni àgò àkọ́kọ́ gbà, àgò orí UDP sì lè sọnù sójú ọ̀nà láìsí ẹni tó ṣẹ̀.

Bí ìṣẹ́jú àáyá náà bá pé tí gbogbo ọ̀nà wọ̀nyí já sófo, síbẹ̀síbẹ̀ sáfà 12 kò ní sọ pé sáfà 37 ti kú. Ohun tó máa sọ ni pé òun *ń fura*.

Ìfura àti ẹ̀tọ́ láti fèsì

Lójú tèmi, ibí yìí ni ọgbọ́n SWIM wà. Sáfà tó kú àti sáfà tí iṣẹ́ pọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀ jọra lójú ẹni tó wà níta: àwọn méjèèjì ò dáhùn. Kò sí ìbéèrè kan tí a lè bi wọ́n láti ìta tí yóò yà wọ́n sọ́tọ̀, àfi kí a fún wọn láàyè. Ẹni tó kú ò ní sọ nǹkan, ẹni tí iṣẹ́ wọ̀ lọ́rùn á jí sọ̀rọ̀.

Ìfura náà á tàn ká bí gbogbo ìròyìn mìíràn, á sì dé etí sáfà 37 fúnra rẹ̀ bó bá ṣì wà láàyè. Kódà, sáfà tó bá fẹ́ ké àgò sí ẹni tí a ń fura sí á so ìfura náà mọ́ àgò yẹn, kó lè jẹ́ òun ni yóò kọ́kọ́ gbọ́ ohun tí wọ́n ń sọ nípa rẹ̀. Báwo ni yóò ṣe wá sẹ́ ẹ? Bó bá kàn sọ pé “mo wà láàyè”, àwọn tó gbọ́ ọ ò ní mọ̀ bóyá ṣáájú ìfura ni ó sọ ọ́ tàbí lẹ́yìn rẹ̀, nítorí òfófó kì í dé ní tẹ̀léǹtẹ̀lé. Nítorí èyí ni ọmọ agbo kọ̀ọ̀kan fi ní nọ́ńbà kan, tó ń jẹ́ `Incarnation` nínú kóòdù, tí a ó máa pè ní nọ́ńbà ìwàláàyè. Òun nìkan ló lè fi kún tirẹ̀. Ká ní ti sáfà 37 jẹ́ 4. Ìfura tó ń lọ káàkiri ni “37 kò dáhùn, nọ́ńbà 4”. Bí sáfà 37 bá gbọ́ ọ, á sọ nọ́ńbà rẹ̀ di 5, á sì kéde pé “37 wà láàyè, nọ́ńbà 5”. Òfin náà rọrùn: ìwàláàyè tó ní nọ́ńbà tó ga jù lè borí ìfura; ṣùgbọ́n bí nọ́ńbà wọn bá dọ́gba, ìfura ló ń borí. Bí “37 wà láàyè, nọ́ńbà 4” bá wá tẹ̀ lé e láti igun kan tí ó ti sá pamọ́ sí, ẹnikẹ́ni ò ní kà á sí.

Nínú àkọsílẹ̀ sáfà 37, ìlà kan báyìí á hàn:

```
[WARN] memberlist: Refuting a suspect message (from: safa-12)
```

Ẹ fi orúkọ tó wà nínú àkámọ́ yẹn sọ́kàn. A máa padà sí i.

Báwo ni àyè tí a fún ẹni tí a ń fura sí ṣe gùn tó? Èyí tó kéré jù ni 4 ní ìlọ́po `log10(N)`, ní ìṣẹ́jú àáyá. Fún agbo ẹni 100, `log10(100)` jẹ́ 2, nítorí náà ó jẹ́ 8. Èyí tó pọ̀ jù jẹ́ ìlọ́po mẹ́fà rẹ̀, ìyẹn 48. Àtúnṣe tí àwọn HashiCorp pè ní Lifeguard, tí wọ́n kọ̀wé lé lórí ní 2017, ló so méjèèjì pọ̀. Bí ẹnìkan ṣoṣo bá fura, aago náà bẹ̀rẹ̀ láti 48. Bí ẹlòmíràn bá lọ ké àgò fúnra rẹ̀, tí òun náà ò rí ìdáhùn, aago á já sí nǹkan bí 23. Bí ẹ̀rí kejì bá tún dé, á já sí 8. Ẹ̀sùn tí ẹnìkan ń jẹ́rìí sí ń pẹ́ kó tó di ìdájọ́. Èyí tí ọ̀pọ̀ ń jẹ́rìí sí ń yá.

Ikú sáfà 37, ní ìṣẹ́jú àáyá sí ìṣẹ́jú àáyá

Ẹ jẹ́ ká wá fi gbogbo rẹ̀ ṣiṣẹ́. Iná lọ lára sáfà 37 ní ìṣẹ́jú àáyá 0. Àwọn 99 tó kù ń ké àgò lọ ní tiwọn, ọ̀kọ̀ọ̀kan ní àǹfààní ẹyọ kan nínú 99 láti kan sáfà 37 nínú ìṣẹ́jú àáyá yìí. Bí a bá ṣe é ní ìṣirò, nǹkan bí ìdá 63 nínú ọgọ́rùn-ún ni àǹfààní pé ó kéré tán ẹnìkan á kàn án. Ìdúró náà, bí a bá pín in dọ́gba, jẹ́ nǹkan bí 1.6. Ẹ jẹ́ ká gbà pé ní 1.6 ni sáfà 12 ké àgò.

Ní 2.1, kò sí ìdáhùn, ó bẹ 5, 61 àti 88. Ní 2.6, kò sí ohun tó padà wá. Àkọsílẹ̀ sáfà 12 sọ pé:

```
[INFO] memberlist: Suspect safa-37 has failed, no acks received
```

Ní nǹkan bí 3.8, ìfura ti dé ọ̀dọ̀ gbogbo ọmọ agbo. Aago ń lọ lọ́dọ̀ ẹnì kọ̀ọ̀kan, láti 48 wálẹ̀. Ṣùgbọ́n àwọn sáfà kì í dáwọ́ àgò dúró nítorí ìfura. Láàárín ìṣẹ́jú àáyá mélòó kan, sáfà 70 ti lọ, kò rí ẹni dá a lóhùn. Sáfà 23 náà ti lọ. Ẹ̀rí méjì pé, aago já sí 8. Aago sáfà 12, tó bẹ̀rẹ̀ ní 2.6, á dún ní 10.6:

```
[INFO] memberlist: Marking safa-37 as failed, suspect timeout reached (2 peer confirmations)
```

Kí ó tó di 12, kò sí sáfà kan tí kò mọ̀. Ìṣẹ́jú àáyá 12 láti ìgbà tí iná ti lọ, láìsí olórí kan tó pàṣẹ. Ẹ ó rí i pé ohun tó pọ̀ jù nínú àkókò yẹn kì í ṣe ti wíwá òkú, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe ti títàn ìròyìn. Ìṣẹ́jú àáyá 8 nínú 12 ni a fi dúró kí sáfà 37 lè fèsì. Ẹni tó bá fẹ́ kí ìròyìn ikú yá ju bẹ́ẹ̀ lọ, nínú àyè yìí ni yóò ti gé e, àwọn tí wọn yóò pè ní òkú láìkú yóò sì máa pọ̀ sí i.

Nígbà tí adití bá di olùfisùn

Ẹ jẹ́ ká yí ìtàn náà padà. Iná kò lọ lára ẹnikẹ́ni. Sáfà 12 gan-an ni ẹnìkan gbé iṣẹ́ tó wúwo lé lórí, tí kò fi ráyè ka àwọn ìdáhùn tó ń dé bá a. Ó ké àgò sí 37, 37 dáhùn, ìdáhùn náà wà lẹ́nu ọ̀nà, sáfà 12 ò ráyè ṣílẹ̀kùn. Lójú sáfà 12, 37 kò dáhùn. Ó fura. Ó tún ké àgò sí 38, ohun kan náà ló ṣẹlẹ̀. Ó fura sí 38, ó fura sí 39. Adití ń sọ pé gbogbo ìlú ti yadi.

Mo ti jókòó tì í rí títí ilẹ̀ fi mọ́, níbi iṣẹ́ kan tí mo ti ṣe. Sáfà tó dára ń kú lójú pátákó wa, wọ́n sì ń jí. A tún wọn bẹ̀rẹ̀, a pààrọ̀ wáyà wọn. Kò sẹ́ni tó ronú láti wo ẹni tó ń fisùn. Nígbà tí a kó àkọsílẹ̀ gbogbo àwọn tó ń sẹ́ ẹ̀sùn jọ, orúkọ kan náà ló wà lẹ́yìn `from:` nínú gbogbo wọn, ètò tó ń ṣe àdàkọ fáìlì ló sì ń jẹ gbogbo agbára sáfà ọ̀hún. Bẹ́ẹ̀ ni ẹ ṣe lè dá àìsàn yìí mọ̀: bí ọ̀pọ̀ sáfà bá ń sẹ́ ẹ̀sùn tí ó ti ẹnu ẹnìkan ṣoṣo wá, ẹ lọ yẹ olùfisùn wò. Bí ọ̀pọ̀ bá ń fura sí ẹnìkan ṣoṣo, ẹni yẹn ni kí ẹ yẹ̀ wò.

Lifeguard fi ọgbọ́n kan tọ́jú àìsàn yìí. Nígbà tí sáfà 12 bá bẹ 5, 61 àti 88 níṣẹ́, wọn kò ní dákẹ́ bí wọn ò bá rí 37. Wọ́n á ránṣẹ́ padà pé “a ò tíì gbọ́ ọ, ṣùgbọ́n àwa wà níbí”. Bí sáfà 12 kò bá gbọ́ ohùn 37, tí kò sì gbọ́ ohùn àwọn oníṣẹ́ rẹ̀ náà, ó yẹ kó bi ara rẹ̀ léèrè bóyá etí òun ni kò gbọ́ràn. Ó ní máàkì kan fún ara rẹ̀, tó ń bẹ̀rẹ̀ láti 0 dé 7. Oníṣẹ́ tí kò padà wá ń fi kún un, kí òun náà máa sẹ́ ẹ̀sùn ń fi kún un. Àgò tó yọrí sí rere ń yọ kúrò nínú rẹ̀. Bí máàkì náà bá jẹ́ 3, ó ń dúró fún ìlọ́po mẹ́rin àkókò tó yẹ kó dúró. Bó bá jẹ́ 7, ìlọ́po mẹ́jọ. Ẹ lè rí máàkì yìí bí ẹ bá tẹ `consul info`: orúkọ rẹ̀ ni `health_score`, sáfà tí ara rẹ̀ le á sì ní 0.

Àìsàn kan tó rọrùn ju èyí lọ wà tí mo ń rí lọ́dọ̀ àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀. Wọ́n ṣí ojú ọ̀nà TCP sílẹ̀ lára fáyàwọ́ọ̀lù, wọ́n gbàgbé UDP. Agbo á dúró, ṣùgbọ́n gbogbo àgò UDP á já sófo, TCP nìkan ló ń gba àwọn sáfà lọ́wọ́ ikú. Àkọsílẹ̀ á máa sọ gbangba pé TCP kọjá, UDP ò kọjá, àti pé ó ṣeé ṣe kí wọ́n ti ṣi nẹ́tíwọ́ọ̀kì tò. Ẹ ṣí méjèèjì lórí nọ́ńbà kan náà. 7946 ni `memberlist` ń lò bí ẹ kò bá yàn mìíràn.

Ohun tí òfófó ò lè ṣe

Bí wáyà ńlá tó wà láàárín yàrá méjì bá já, tí sáfà 60 wà ní apá kan, 40 ní apá kejì, àwọn 60 á fura sí àwọn 40, àkókò á pé, wọn á kéde pé wọ́n ti kú. Àwọn 40 náà á ṣe bẹ́ẹ̀ sí àwọn 60. Kò sí ẹ̀gbẹ́ tó ṣìnà nínú ìlànà yìí. Ohun tí ẹnì kọ̀ọ̀kan rí ló sọ. Òfófó kì í dìbò, kì í sì ṣèlérí pé gbogbo ènìyàn gbà sí nǹkan kan ní ìgbà kan náà. Nítorí náà, ẹni tó bá fi ìwé orúkọ inú agbo yan ẹni kan ṣoṣo tí yóò máa kọ nǹkan sínú àkójọ dátà, ọjọ́ tí wáyà bá já ni yóò ní ọba méjì. Consul mọ èyí: òfófó ló fi ń mọ ẹni tó wà, àmọ́ ìlànà Raft, tó ń dìbò láàárín sáfà díẹ̀, ló fi ń pinnu ohun tí gbogbo wọn gbọ́dọ̀ gbà.

Òfófó kì í sì í bi ìròyìn bóyá òtítọ́ ni. Ní ọjọ́ 20 oṣù Keje ọdún 2008, iṣẹ́ ìpamọ́ S3 ti Amazon dákẹ́ fún nǹkan bí wákàtí mẹ́jọ. Lẹ́yìn rẹ̀ ni Amazon ṣàlàyé: àwọn sáfà rẹ̀ ń fi òfófó sọ ipò ara wọn fún ara wọn, bíìtì kan ṣoṣo sì yí padà nínú ìfiránṣẹ́ mélòó kan. Àwọn ìfiránṣẹ́ náà ṣì ṣe é kà, ṣùgbọ́n irọ́ ló wà nínú wọn. Irọ́ náà tàn bí òtítọ́ ṣe ń tàn, àwọn sáfà sì ń fi agbára wọn ṣe òfófó dípò kí wọ́n dá oníbàárà lóhùn. Wọ́n ní àmì àyẹ̀wò MD5 lára dátà àwọn oníbàárà, wọn ò sì ní in lára irú ìròyìn yìí. Ọ̀nà àbáyọ tí wọ́n rí ni kí wọ́n pa ẹnu gbogbo sáfà mọ́, kí wọ́n pa ohun tí wọ́n ti gbọ́ rẹ́, kí wọ́n sì tún gbogbo rẹ̀ bẹ̀rẹ̀.

Iṣẹ́ àṣetiléwá

1. Agbo kan ní sáfà 1,000. Ẹ ṣírò àyè tó kéré jù àti èyí tó pọ̀ jù tí a fún ẹni tí a ń fura sí, àti iye ìgbà tí sáfà kan á sọ ìròyìn kan kí ó tó dákẹ́.

2. Sáfà 37 gbọ́ “37 kò dáhùn, nọ́ńbà 4” nígbà tí nọ́ńbà tirẹ̀ ti di 6. Ṣé ó yẹ kó fi kún nọ́ńbà rẹ̀? Ẹ fi òfin inú orí yìí gbè é lẹ́sẹ̀.

3. Ẹ gbé Serf mẹ́ta dìde lórí kọ̀ǹpútà kan. Ẹ fi èyí bẹ̀rẹ̀ méjì àkọ́kọ́, kí ẹ sì fi nọ́ńbà tó tẹ̀lé e ṣe ẹ̀kẹta:

```
serf agent -node=a -bind=127.0.0.1:7946 -rpc-addr=127.0.0.1:7373
serf agent -node=b -bind=127.0.0.1:7947 -rpc-addr=127.0.0.1:7374 -join=127.0.0.1:7946
```

Ẹ fi `kill -STOP` dá `b` dúró fún ìṣẹ́jú àáyá 2, kí ẹ fi `kill -CONT` jí i. Ẹ tún un ṣe, àmọ́ kí ẹ jẹ́ kó sùn fún 15 lọ́tẹ̀ yìí. Ẹ máa tẹ `serf members` lọ́dọ̀ `a` láàárín rẹ̀, kí ẹ sì kọ ohun tí ẹ rí sílẹ̀ kí ẹ tó jí `b`, nítorí lẹ́yìn tó bá ti jí, á fi kún nọ́ńbà rẹ̀, á sì sẹ́ gbogbo rẹ̀.